Orí Kẹfà: Ojúlé Wo Ni Ká Kọ́kọ́ Yà Sí?

Ọlọ́kadà kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gbé ẹrù fún oníbàárà, àwọn tí à ń pè ní dísípáàṣì, di ẹrù ogún sínú àpótí ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ láàárọ̀. Ogún ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gbé wọn lọ. Ọ̀kan wà ní Yábàá, òmíràn ní Ṣúrùlérè, òmíràn ní Ìkẹjà, àwọn kan sì wà lọ́hùn-ún lódìkejì ọ̀sà. Bó bá jíṣẹ́ gbogbo wọn tán, ibi tó ti gbéra ló ń padà sí. Kò sí oníbàárà tó ní dandan kó tètè dé ọ̀dọ̀ òun ṣáájú ẹlòmíràn. Báwo ni yóò ṣe to àwọn ojúlé náà tẹ̀ léra tí gbogbo ìrìn rẹ̀ yóò fi kúrú jù lọ?

Àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ìbéèrè yìí sọrí òǹtajà tó ń ti ìlú dé ìlú. Nínú orí yìí, a ó máa pè é ní ìbéèrè alájàpá. Ìrìn tó kan gbogbo ojúlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìyípo la ó máa pè é. Ọ̀nà tó so ojúlé kan mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e nínú ìyípo, abala la ó máa pè é. Orúkọ tí a nílò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà yìí.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ká gbé gbogbo títò tó ṣeé ṣe yẹ̀ wò, ká wọn gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká sì mú èyí tó kúrú jù. Bí ojúlé bá jẹ́ mẹ́ta, kò sí wàhálà níbẹ̀. Mẹ́ta ni àwọn tí a lè kọ́kọ́ yà sí, ó ku méjì fún ìgbà kejì, ó ku ẹyọ kan fún ìgbà kẹta. Títò mẹ́fà péré nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ojúlé bá di mẹ́wàá, a ó sọ mẹ́wàá di ìlọ́po mẹ́sàn-án, a ó sọ èyí tó jáde di ìlọ́po mẹ́jọ, a ó máa bá a bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dórí ọ̀kan. Ohun tí yóò jáde ni 3,628,800. Ìyípo tí a bá sì rìn láti ẹ̀yìn wá síwájú kò yàtọ̀ ní gígùn sí èyí tí a rìn láti iwájú lọ sẹ́yìn, nítorí náà a lè pín iye yẹn sí méjì: 1,814,400. Kọ̀ǹpútà kékeré yóò ka ìyẹn tán kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Ogún ojúlé ọ̀rẹ́ wa ọlọ́kadà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé a ní ẹ̀rọ kan tó lè wọn bílíọ̀nù kan ìyípo láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, tí kì í sinmi lọ́sàn-án tàbí lóru. Yóò lo ju ọdún 38 lọ kó tó wọn gbogbo ìyípo ogún ojúlé tán. Bí oníbàárà márùn-ún péré bá kún un, tí ojúlé di 25, ẹ̀rọ kan náà yóò lo ju mílíọ̀nù 240 ọdún lọ. Ká ra ẹ̀rọ tuntun kò ràn án: èyí tó yára ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún yóò ṣì lo ju ọdún 240,000 lọ lórí 25 yìí. Ojúlé kọ̀ọ̀kan tó bá ń wọlé ni ó ń sọ iṣẹ́ di ìlọ́po ogún, ìlọ́po mọ́kànlélógún, ìlọ́po méjìlélógún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ènìyàn ń ṣe kò lè bá ìyẹn sáré.

Síbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ń jáde lójoojúmọ́, wọ́n sì ń padà wálé. Kí ni wọ́n ń ṣe? Ọ̀pọ̀ wọn ń lo ohun tí a lè pè ní ọgbọ́n ìtòsí: níbi tí o bá wà, wo ojúlé tó sún mọ́ ọ jù nínú àwọn tó kù, lọ síbẹ̀, nígbà tí o bá débẹ̀, tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu létí. Karl Menger, onímọ̀ ìṣirò ará Austria, gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ ní ìlú Vienna ní ọdún 1930, ó pè é ní ìṣòro ońṣẹ́, lọ́jọ́ náà gan-an ló sì ti sọ pé ọgbọ́n ìtòsí kì í sábà mú ọ̀nà tó kúrú jù wá. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ara wa rí ìdí rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo títì kan tó nà tààrà láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ́fíìsì tí ẹrù ti ń jáde wà létí títì yìí. Ojúlé márùn-ún la fẹ́ yà sí. Àkọ́kọ́ wà ní kìlómítà 1 sí ìlà-oòrùn ọ́fíìsì. Èkejì wà ní kìlómítà 2 sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀kẹta wà ní kìlómítà 5 sí ìlà-oòrùn, ẹ̀kẹrin ní kìlómítà 10 sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀karùn-ún sì jìnnà ní kìlómítà 21 sí ìlà-oòrùn.

Ọlọ́kadà tó ń lo ọgbọ́n ìtòsí gbéra. Ojúlé àkọ́kọ́ ló sún mọ́ ọn jù, ó rin kìlómítà 1. Níbẹ̀, ó kù kìlómítà 3 sí ojúlé kejì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì kù kìlómítà 4 sí ẹ̀kẹta tó wà níwájú. Ó yí orí ọ̀kadà padà, ó rin 3. Láti ibẹ̀, ẹ̀kẹta jìnnà ní 7, ẹ̀kẹrin jìnnà ní 8. Ó tún yí padà, ó rin 7. Ní ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin jìnnà ní 15, ẹ̀karùn-ún ní 16. Ó tún yí padà, ó rin 15. Ó wá ku ẹ̀karùn-ún nìkan, ó sì jìnnà sí i ní kìlómítà 31. Ó rìn ín, lẹ́yìn náà ló rin 21 padà sí ọ́fíìsì. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kìlómítà 78 ni.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn, tó já ẹrù sílẹ̀ ní kìlómítà 1 àti 5 bó ṣe ń lọ, tó dé 21, tó wá yí padà lẹ́ẹ̀kan, tó kọjá ọ́fíìsì lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tó já ẹrù ní 2 àti 10, tó sì padà wá, kìlómítà 62 péré ló rìn. Kìlómítà 16 ni ìyàtọ̀ wọn lórí ojúlé márùn-ún. Kò sì sí ìgbà kankan tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe ìpinnu tó dà bí òmùgọ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó gbé ló dára jù fún àsìkò tó gbé e.

Ohun tó ṣe é ni pé ọgbọ́n ìtòsí kì í ka ohun tó ń fi sẹ́yìn sí gbèsè. Nígbà tó yí padà ní kìlómítà 1, ó fi kìlómítà kan pamọ́ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta àti ẹ̀karùn-ún ṣì ń dúró dè é ní apá tó kẹ́yìn sí. Gbèsè yẹn ń ga sí i títí di ìparí. Ẹ tún wo àwọn abala rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra: 1, 3, 7, 15, 31, 21. Méjì tó gbẹ̀yìn gba 52 nínú 78. Bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ nìyẹn, kódà láìmú àwòrán ìlú lọ́wọ́. Bí àwọn abala àárọ̀ bá kúrú, tí ti ìrọ̀lẹ́ wá gùn ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọgbọ́n ìtòsí ló tò wọ́n. Níbi tí àwọn ojúlé bá fọ́n káàkiri ìlú, ìyípo ọgbọ́n ìtòsí sábà máa ń gùn ju èyí tó kúrú jù lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Mi ò sọ pé ká jù ú nù. Ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà láti tò ó, àtúnṣe sì wà tí a lè ṣe sí i lẹ́yìn náà. Àtúnṣe yìí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò.

Ilé mẹ́rin wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pápá kan tó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ilé Àlàbá wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ti Bísí wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kìlómítà 4 ló wà láàárín wọn. Kẹ́mi wà lókè Bísí gan-an ní kìlómítà 3, Délé sì wà lókè Àlàbá gan-an ní kìlómítà 3. Láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i lódìkejì, bí a bá gba àárín pápá kọjá, kìlómítà 5 ni.

Ká ní ẹnì kan lọ láti ọ̀dọ̀ Àlàbá sí ọ̀dọ̀ Kẹ́mi, ó lọ sọ́dọ̀ Bísí, ó tọ Délé lọ, ó wá padà sọ́dọ̀ Àlàbá. Abala rẹ̀ jẹ́ 5, 3, 5, 3: kìlómítà 16. Bí a bá ya ìrìn yìí sórí ìwé, a ó rí i pé abala Àlàbá sí Kẹ́mi àti abala Bísí sí Délé dábùú ara wọn láàárín pápá. Níbi tí abala méjì bá ti dábùú ara wọn báyìí, ìyípo náà kò tíì kúrú tó. Kò sí àní-àní níbẹ̀, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Ẹ jẹ́ ká ri òpó mọ́ ibi ìdábùú yẹn. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ Àlàbá dé òpó, tó sì ti òpó dé ọ̀dọ̀ Bísí, ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà tààrà. Bó bá gba tààrà láti Àlàbá sí Bísí, ìrìn rẹ̀ yóò dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni láti Kẹ́mi dé òpó, láti òpó dé Délé: ọ̀nà tààrà láàárín àwọn méjèèjì kúrú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dé òpó yìí, àpapọ̀ wọn ni abala méjì tó dábùú ara wọn. Nítorí náà, bí a bá yọ abala méjèèjì kúrò, tí a fi Àlàbá sí Bísí àti Kẹ́mi sí Délé rọ́pò wọn, gígùn gbọ́dọ̀ dín. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, 5 àti 5 di 4 àti 4. Ìyípo wa ti di 14.

Lórí ìwé tí a kọ orúkọ àwọn ojúlé sí, títú ìdábùú kò ju pé ká yí apá kan orúkọ náà lórí kodò. Ká ní ojúlé mẹ́wàá ni, tí abala ìkẹta sí ìkẹrin dábùú abala ìkeje sí ìkẹjọ. A ó mú ìkẹrin títí dé ìkeje, a ó kọ wọ́n láti ẹ̀yìn wá: 1, 2, 3, 7, 6, 5, 4, 8, 9, 10. Ẹ ṣàkíyèsí pé abala méjì péré ló yí padà. Láti 3 ni a ti wá ń lọ sí 7 dípò 4, láti 4 ni a sì ń lọ sí 8. Àwọn abala tó wà láàárín, a kàn ń rìn wọ́n láti apá kejì ni, gígùn wọn kò yí padà. Nítorí náà, kò sí pé à ń tún gbogbo ìyípo rò. Nọ́ńbà mẹ́rin la nílò láti mọ̀ bóyá ìyípadà náà lérè tàbí kò ní. Fún ogún ojúlé pẹ̀lú ọ́fíìsì, àwọn abala méjì-méjì tí a lè dán wò báyìí jẹ́ 189. A ó dán wọn wò, a ó ṣe èyí tó bá dín ìrìn kù, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, títí kò fi ní sí èyí tó tún lè dín in mọ́. G. A. Croes ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1958, títí dòní ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń to ọ̀nà fún àwọn ilé iṣẹ́ akẹ́rù ṣì ń lò ó.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Ìyípo lè wà láìní ìdábùú kankan síbẹ̀ kó má jẹ́ èyí tó kúrú jù. Ó lè jẹ́ pé kí abala mẹ́ta tó yí padà lẹ́ẹ̀kan náà kó tó lè dín kù, tó sì jẹ́ pé yíyí méjì péré nínú wọn yóò kọ́kọ́ mú un gùn sí i. Títú ìdábùú yóò dúró síbẹ̀, yóò rò pé òun ti dé òpin. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti oríṣiríṣi ìyípo, wọ́n ń tú gbogbo wọn, wọ́n sì ń mú èyí tó dára jù. Àwọn mìíràn ń yí abala mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Shen Lin ṣe ṣe ní ọdún 1965. Ní ọdún 1973, òun àti Brian Kernighan gbé ọ̀nà mìíràn jáde tó ń pinnu fúnra rẹ̀ iye abala tó yẹ kó yí padà nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà wọn yìí sábà máa ń mú ìyípo wá tí àfikún rẹ̀ lórí èyí tó kúrú jù kì í ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Òǹkàwé tó bá fọkàn sí i yóò ti dá mi dúró níbí yìí. Báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni? Láti sọ iye tí ìyípo fi gùn ju èyí tó kúrú jù lọ, ṣé kò ní jẹ́ pé a ti mọ èyí tó kúrú jù? A sì ti sọ pé kò sẹ́ni tó lè ka gbogbo wọn. Fún èmi, ibí yìí ni ìbéèrè alájàpá ti dùn jù.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé a lè wá ààlà ìsàlẹ̀, ìyẹn iye kìlómítà tí kò sí ìyípo kankan, ì báà jẹ́ èyí tí a mọ̀ tàbí èyí tí a kò mọ̀, tó lè kúrú jù ú lọ. A kò nílò láti rí ìyípo kankan ká tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká padà sí pápá ilé mẹ́rin. Ẹ fa agbo yí ilé kọ̀ọ̀kan ká, kí etí agbo náà jìnnà sí ilé ní kìlómítà kan àbọ̀ níbi gbogbo. Agbo Àlàbá àti ti Délé yóò fara kan ara wọn, torí kìlómítà 3 ló wà láàárín ilé wọn, ṣùgbọ́n wọn ò ní wọ inú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bísí àti Kẹ́mi.

Ẹnikẹ́ni tó bá máa dé ọ̀dọ̀ Àlàbá gbọ́dọ̀ la agbo rẹ̀ kọjá wọlé, ó kéré tán kìlómítà kan àbọ̀. Bó bá ń lọ, yóò tún là á jáde, kìlómítà kan àbọ̀ mìíràn. Ibi yòówù kó ti wá, ibi yòówù kó máa lọ, owó orí tó máa san lọ́dọ̀ Àlàbá kò lè dín sí kìlómítà 3. Ilé mẹ́rin ló ń gba owó orí yìí, bí àwọn agbo kò sì ti wọnú ara wọn, kò sí kìlómítà tí a kà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kò sí ìyípo tó lè dín sí 12.

Ó ku díẹ̀ kó pé 14. Ẹ wò ó, láàárín agbo apá òsì àti ti apá ọ̀tún, àlàfo kìlómítà kan wà tí a kò tíì gba owó orí lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wa yàrà yí agbo Àlàbá àti Délé ká pọ̀, bí àwọn ìlú wa àtijọ́ ṣe máa ń wa yàrà yí odindi ìlú ká, kí yàrà náà fẹ̀ ní ìdajì kìlómítà. Ká wa irú rẹ̀ yí agbo Bísí àti Kẹ́mi ká. Yàrà méjèèjì yóò pàdé láàárín pápá, wọn ò ní gba orí ara wọn. Àlàbá àti Délé wà nínú yàrà kan, àwọn méjì tó kù wà lóde rẹ̀. Ìyípo tó bá máa kan gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú yàrà yẹn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kó sì padà wọlé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì kìlómítà lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ kìlómítà 1. Yàrà kejì náà yóò gba kìlómítà 1 tirẹ̀. Bí a bá fi 2 yìí kún 12, ó di 14.

Ìyípo tí a ní lọ́wọ́ lẹ́yìn tí a tú ìdábùú jẹ́ 14. Ààlà ìsàlẹ̀ jẹ́ 14. Wọ́n ti pàdé. A ti mọ̀ dájú pé kò sí èyí tó kúrú ju tiwa lọ, a kò sì ka àwọn tó kù rárá. Nínú iṣẹ́ gidi, wọn kì í sábà pàdé rẹ́gí báyìí. Bí ìyípo tí a ní bá jẹ́ kìlómítà 102, tí agbo àti yàrà sì fún wa ní ààlà 100, ohun tí a mọ̀ ni pé bí a bá tilẹ̀ wá a títí di ọjọ́ alẹ́, kìlómítà 2 ni èrè tó pọ̀ jù tí a lè rí. Ẹni tó ni ọ̀kadà lè wá pinnu bóyá epo kìlómítà 2 tó ohun tó yẹ kó máa pa àkókò lé lórí.

Irú èrò yìí ni George Dantzig, Ray Fulkerson àti Selmer Johnson, àwọn mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí RAND ní Kalifóníà, fi ya gbogbo ayé lẹ́nu ní ọdún 1954. Wọ́n mú ìlú 49 ní Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìpínlẹ̀ 48 tó wà nígbà náà, pẹ̀lú Washington. Wọ́n rí ìyípo kan tó gùn ní máìlì 12,345, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 19,867. Wọ́n wá wá ààlà ìsàlẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà ìwọlé kan àti ọ̀nà ìjáde kan. Ìlànà yìí nìkan kò tó, torí ìṣirò lè fi àwọn ìlú apá kan ṣe òrùka kékeré tiwọn, kó fi ti apá kejì ṣe òrùka mìíràn, kí òrùka méjèèjì má sì so mọ́ra. Níbikíbi tí òrùka kékeré bá ti yọjú, wọ́n á fi ìlànà tuntun dí i: ẹgbẹ́ ìlú yìí, ọ̀nà tó ń jáde láti inú rẹ̀ tàbí tó ń wọ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí méjì. Yàrà wa gan-an nìyẹn. Wọ́n ń fi àwọn ìlànà irú èyí kún un níbi tó bá ti pọn dandan nìkan, títí ààlà ìsàlẹ̀ fi gòkè dé 12,345. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò náà. Lórí ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ yìí, ní ọdún 2006, David Applegate, Robert Bixby, Vašek Chvátal, William Cook àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn fi kọ̀ǹpútà yanjú ìyípo tó ní ojúlé 85,900, tó jẹ́ àwọn ojú ibi tí iná lésà yóò dé lórí ègé ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ kan. Wọ́n sì fi hàn pé kò sí èyí tó kúrú jù ú lọ.

Ọlọ́kadà ìlú Èkó kò nílò láti wa yàrà, Ọlọ́run ti bá a wa ọ̀kan. Ọ̀sà ló pín Ìkòyí, Ìdúmọ̀tà àti Lẹ́kì níyà kúrò lára Yábàá, Ṣúrùlérè àti Ìkẹjà, afárá mẹ́ta pàtàkì ló sì so wọ́n pọ̀: Carter, Eko, àti Third Mainland tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 11.8. Ẹni tó bá gbéra ní Yábàá, tó ní ẹrù lápá méjèèjì, gbọ́dọ̀ gun afárá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìyípo rẹ̀ bá gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wò nìyẹn. Ọgbọ́n ìtòsí sì máa ń sún un síbẹ̀, nítorí ẹni tó wà ní Ìddó yóò rí i pé Ìdúmọ̀tà sún mọ́ òun ju Ṣómólú lọ, yóò gun afárá Carter, yóò já ẹrù kan, yóò wá rántí pé ẹrù Ṣómólú ṣì wà nínú àpótí.

Ohun kan wà tí ọ̀nà ìgboro ń bàjẹ́ nínú ohun tí a ti sọ. Nígbà tí à ń yí apá kan ìwé lórí kodò, a sọ pé àwọn abala àárín kò yí padà ní gígùn. Lórí títì tí ọkọ̀ ń gbà lọ ní apá kan ṣoṣo, tàbí títì tí kòǹkéré pín sí méjì tí ibi ìyípadà sì jìnnà, irọ́ nìyẹn. Láti ilé kan sí èkejì lè jẹ́ ìṣẹ́jú 4, kí bíbọ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 15. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ tún gbogbo abala àárín kà lójú ibi tí a ń rìn wọ́n lọ. Ìdábùú lórí àwòrán pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, nítorí títì kan lè gba orí afárá kọjá lórí èkejì. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ to ọ̀nà dáadáa kì í wọn kìlómítà bí ẹyẹ ṣe ń fò. Ìṣẹ́jú ló máa ń kọ sílẹ̀, lílọ lọ́tọ̀, bíbọ̀ lọ́tọ̀, ti àárọ̀ lọ́tọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀.

Ìlérí àsìkò ló tún le jù. Ẹ jẹ́ ká mú títì tààrà wa lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi tí ìyípo tó dára jù ti jẹ́ kìlómítà 62. Ká ní ọlọ́kadà ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, ó gbéra ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, oníbàárà tó wà ní kìlómítà 10 sí ìwọ̀-oòrùn àti èyí tó wà ní kìlómítà 21 sí ìlà-oòrùn sì sọ pé agogo mẹ́sàn-án ni àwọn ń kúrò nílé. Bó bá kọ́kọ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, yóò débẹ̀ ní 8:20, ṣùgbọ́n kìlómítà 31 ló ṣì kù dé ìlà-oòrùn, 9:22 ni yóò débẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ lọ sí ìlà-oòrùn, 8:42 ni yóò dé ọ̀hún, 9:44 sì ni yóò dé ìwọ̀-oòrùn. A kò tilẹ̀ ka àkókò tó fi ń kan ilẹ̀kùn. Kò sí títò tó lè gbà á là. Ọlọ́kadà kejì ló nílò.

Ọ̀kan yóò gba ìwọ̀-oòrùn, yóò lọ, yóò bọ̀, kìlómítà 20. Èkejì yóò gba ìlà-oòrùn, kìlómítà 42. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 62. Owó iṣẹ́ ẹni kejì ni yóò kún ìnáwó, epo kò ní pọ̀ sí i. Èyí rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ́fíìsì wà láàárín àwọn oníbàárà. Bó bá jẹ́ pé ìparí títì lápá ìwọ̀-oòrùn ni ọ́fíìsì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlé kẹrin, tí a sì ní láti rán ọlọ́kadà méjì lọ sí ìlà-oòrùn kí ẹrù ibẹ̀ lè yára dé, àwọn méjèèjì ni yóò máa la ojú ọ̀nà kan náà kọjá.